Wọ́n ń wo pèéjì mi, wọ́n ń béèrè iye, wọ́n sì ń pòórá: kí ni kí n kọ sí báyò alásè ìgbéyàwó?

Àdùkẹ́ Alásè (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Láti 2022 ni mo ti ń se oúnjẹ ìgbéyàwó. Ẹni tó bá jẹun níbi tí mo ti se ló ń gba nọ́ńbà mi, ìyẹn ò ní wàhálà. Àwọn tí kò mọ̀ mí rí, tí wọ́n kàn já sí pèéjì mi lórí Instagram, ni ọ̀rọ̀ wọn ti sú mi. Wọ́n á wọlé, wọ́n á béèrè iye, mo dá wọn lóhùn, ó parí nìyẹn. Ọ̀kan tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ yín ni."

Báyò mi, ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ mi lórí pèéjì, rèé:

Adùn tí kò lẹ́gbẹ́
Ìtẹ́lọ́rùn yín ni ayọ̀ wa
Ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, ìpàdé, gbogbo ayẹyẹ
Iye àlejò yòówù, ibi yòówù
Ẹ dán wa wò, ẹ ò ní kábàámọ̀

Àyè lẹ́tà 150 ni wọ́n fún èèyàn, ó ku 10 péré. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Bọ́lá Ayàwòrán

Báyò yín ò burú rárá mà. Àwòrán ni ìṣòro yín. Ayàwòrán ni mí, mo sì ń rí i: ojú ni àwọn èèyàn fi ń jẹun lórí fóònù. Ẹ gba ẹni tó mọ iṣẹ́, kó ya àwo mẹ́wàá fún yín nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa. Ní ti báyò, ẹ fi "ìgbéyàwó tó lé ní 500" sí i. Ta ló máa ka iye wọn?

Ìyàwó Tuntun

Bùọ̀dá Bọ́lá, èmi ni mo máa kà á o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, kí ẹ lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń wo pèéjì alásè.

Nígbà tí mo ń múra ìgbéyàwó mi, mo rí pèéjì kan tó dùn-ún wò, àwòrán rẹpẹtẹ. Báyò rẹ̀ sọ pé wọ́n ti se ìgbéyàwó tó lé ní 300. Mo san ìdajì owó sílẹ̀. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ yàtọ̀ sí orúkọ pèéjì, mo bi wọ́n, wọ́n ní ti àbúrò àwọn ni. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù ò lọ mọ́. Ìyá mi ló sáré wá ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni mo padà wo pèéjì yẹn dáadáa, mo wá rí i pé kò sí àwòrán méjì tí aṣọ tábìlì wọn jọra, kò sí ìkòkò kan tó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹnì kankan tó wọ ápúrọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ilé mẹ́wàá ni wọ́n ti kó àwòrán yẹn jọ. Ìgbà tí mo tẹ ibi tí àwọn àwòrán tí ẹlòmíràn fi orúkọ wọn sí ń wà, òfo ni. 300 ìgbéyàwó, kí ìyàwó kan ṣoṣo má sì dárúkọ wọn!

Nítorí náà bí mo bá rí "500" lónìí, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń lọ síbẹ̀ láti wò ó. Bí ó bá jẹ́ 14 tí mo sì rí mẹ́fà tàbí méje nínú wọn, ọkàn mi á balẹ̀ ju ti 500 tí mi ò rí ọ̀kan lọ.

Bọ́lá Ayàwòrán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ tún rí irú ẹ̀. Àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ àwòrán padà.

Ìyá Alásè Àgbà

Àdùkẹ́, ọmọ mi, mo ti wà nídìí iná yìí fún ọdún 19, mo sì ti kọ irú báyò tìẹ yẹn rí, kódà "ìtẹ́lọ́rùn yín" wà nínú tèmi náà. Ṣe ohun kan fún mi. Fi ọwọ́ bo orúkọ rẹ lókè, kí o wá ka ìlà márààrún yẹn bí ẹni pé orí pèéjì alásè tó wà ládùúgbò kejì ni wọ́n wà. Ṣé wọ́n bá a mu? Wọ́n bá a mu, àbí? Wọ́n á bá ti ọ̀daràn tó gba owó ọmọ wa òkè yìí mu pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí olè lè kọ láìyí lẹ́tà kan padà, kò lè yà ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára olè.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́, kì í ṣe adùn ló kọ́kọ́ ń rò. Ó gbà pé o mọ oúnjẹ sè, torí iṣẹ́ tí o ní o ń ṣe nìyẹn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bóyá o ò ní wá. Bí o bá wá, bóyá o ti gba iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan náà, tí ìwọ á wà níbi kan, tí wàá rán àwọn ọmọ sí ibi tiẹ̀. Bí ìwọ fúnra rẹ bá sì wá, bóyá oúnjẹ á tán kó tó kan tábìlì ẹ̀yìn. Gbogbo ìlà tó wà nínú báyò yẹn gbọ́dọ̀ máa dá ọ̀kan nínú ẹ̀rù wọ̀nyí lóhùn, kó sì jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè wádìí láìbi ọ́.

Kí n tó sọ ohun tí wàá kọ, dá mi lóhùn: ìgbéyàwó mélòó ni o ti se láti 2022, kì í ṣe ayẹyẹ lápapọ̀, ìgbéyàwó? Èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, àlejò mélòó? Ṣé o máa ń gba méjì lọ́jọ́ kan? Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì tí o fi ń gba owó?

Àdùkẹ́ Alásè

Ẹ ṣé mà, ẹ kúnlẹ̀ fún mi (èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀, ẹ má bínú, ọwọ́ yá ju ọpọlọ lọ).

Ìgbéyàwó 14 ni. Èyí tó kéré jù jẹ́ 60, èyí tó tóbi jù jẹ́ 250. Èmi àti àwọn mẹ́fà la jọ ń ṣiṣẹ́, mi ò gba méjì lọ́jọ́ kan rí torí ìkòkò mi ò tó. Àkáǹtì: orúkọ tèmi gangan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "Àdùkẹ́ Alásè". Ojú ń tì mí láti kọ 14, ká sọ tòótọ́. Ó dà bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣadé Onítábìlì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 250 sí i bí òpin. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹni tó ní àlejò 400 á kàn kọjá lọ, kò ní béèrè. Àǹtí, "iye àlejò yòówù" yẹn ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Rónkẹ́ Ìdáná

Ṣadé, "iye àlejò yòówù" ni èmi náà kọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. 120 ni mo ti se rí nígbà yẹn. Ìdílé kan ka báyò yẹn, wọ́n gbé 600 wá, ojú kókòrò mú mi, mo gbà á.

Oúnjẹ tó o. Ìyẹn gan-an ló dùn mí, oúnjẹ ò tán. Ọwọ́ ni kò tó. Mo ní èèyàn mẹ́sàn-án tó ń gbé àwo, tábìlì 60. Èmi rò pé bí mo bá sọ ohun èlò di ìlọ́po márùn-ún, ó parí. Mi ò ro iná tó máa gbé ìkòkò, mi ò ro ọ̀nà láti ibi ìdáná dé inú gbọ̀ngàn, mi ò ro ta ló máa bu oúnjẹ sínú àwo 600. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ló wà láàárín tábìlì àkọ́kọ́ àti tábìlì ìgbẹ̀yìn. Oúnjẹ ti tutù, àlejò ti ń dìde lọ. Bàbá ọkọ wá síbi ìdáná, kò pariwo, ó kàn dúró ó ń wò wá. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀.

Kí ó tó di pé wọ́n san ìyókù owó, wọ́n ya àwòrán báyò mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Mi ò ní èsì. Lónìí, ẹni kan tó ń gbé àwo fún àlejò 20 sí 25 ni mo ń kà bí wọ́n bá fẹ́ kí a máa gbé oúnjẹ wá bá wọn ní tábìlì, mo sì kọ "títí dé 300" sí pèéjì mi gbàǹgbà. Àwọn tó ní 400 ṣì ń béèrè, Ṣadé. Wọ́n á ní "mo rí i pé 300 lẹ kọ, ṣé ẹ lè gbìyànjú?" Ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òtítọ́ wà.

Ṣadé Onítábìlì

Mo gbọ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ẹni tó lè yá ìkòkò àti ọmọ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí kò lè yá a. Mi ò tíì gbà pátápátá.

Ìyá Alásè Àgbà

Àdùkẹ́, 14 kì í ṣe ìtìjú. Ọmọ tó ń fẹ́ ìyàwó nílò alásè kan fún ọjọ́ kan, kò nílò ẹni tó se 500. Kọ ìsàlẹ̀ náà pẹ̀lú òkè, 60 sí 250. Ẹni tó ní àlejò 80 máa ń bẹ̀rù pé alásè ńlá ò ní ka òun sí. Bó bá rí 60 níbẹ̀, ó mọ̀ pé òun ò kéré jù fún ọ.

Àti pé "ìgbéyàwó kan ṣoṣo lójọ́ kan" tí o kàn sọ kọjá bí ẹni pé àbùkù ni, torí ìkòkò ò tó! Ìlà tó níyì jù tí o ní nìyẹn. Alásè tó ń gba mẹ́ta lọ́jọ́ kan ò lè kọ ọ́, bó bá sì kọ ọ́, ìyàwó méjì á pàdé lórí pèéjì rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan náà.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

Àsè ìgbéyàwó, àlejò 60–250
Ìgbéyàwó kan ṣoṣo lójọ́ kan
A ti se 14 láti 2022
Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó san owó
Ọjọ́ tó ṣófo wà nísàlẹ̀

Orúkọ ìlú rẹ, má fi sínú báyò. Ibi tí orúkọ ń wà lókè ni kí o fi sí, "Àdùkẹ́ Alásè Ìgbéyàwó" kí o wá dárúkọ ìlú, torí pé bí èèyàn bá ń wá alásè, orúkọ yẹn ni àpótí ìwárí ń wò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n máa jẹ́ kí o yí i padà láàárín ọjọ́ 14, nítorí náà ro ó dáadáa kí o tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ ìbí àti ìpàdé, yọ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí á ṣì béèrè.

Adéwálé O.

Ẹ jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ ìlera kún un. Èyí tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù ni inú rírun. "Oúnjẹ wa kò ní ohunkóhun tó ń bá ara jà" ló yẹ kó kọ. Mo ti rí i lórí pèéjì àwọn olóúnjẹ kan, ó wù mí gan-an.

Ìyá Alásè Àgbà

Adéwálé, ibi tí o fojú sí dáa, ọ̀rọ̀ yẹn ló léwu. Ilé ìdáná tí ẹ̀pà, ẹyin àti wàrà bá ń wọlé, tí ṣíbí kan ń ti inú ìkòkò kan bọ́ sí òmíràn, kò lè ṣèlérí yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀pà lè pa, ìwọ̀nba tó kù sára ọ̀bẹ tó fún un. Ohun tó tọ̀nà ni kí alásè béèrè: "Ẹ sọ ohun tí ara àlejò yín kò gbà." Inú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣèwádìí ni mo fi tèmi sí, kì í ṣe inú báyò.

Ní ti inú rírun, ohun tí mo ń kọ sínú ìwé àdéhùn ni pé oúnjẹ gbígbóná wa kì í lọ sílẹ̀ ju 60 dígírì lọ títí tí a ó fi bù ú, àti pé èyí tó bá ti wà níta ju wákàtí méjì lọ, a kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni. Mo ní òṣùwọ̀n ooru tí mo ń tì bọ inú ìkòkò. Bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè pèéjì. Bí ẹ ò bá ní, ẹ má kọ "a ní ìwé ẹ̀rí".

Kúnlé Ọ̀jà

Ẹ dárí jì mí tí mo bá ń dí yín lọ́wọ́. Mo ní ìbéèrè lórí "Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó san owó". Ìyá, ẹ ti jẹ́ kí ebi pa ọmọ yẹn nìyẹn o! Bí mo ṣe kà á, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni. Mo ṣe irú ẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà nídìí oúnjẹ. Èèyàn mọ́kànlá wá tọ́ ọ wò lóṣù kan, ọ̀kan mú ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin wá. Méjì ló gbé iṣẹ́ fún mi nínú wọn. Owó ni kí ẹ gba fún ìtọ́wò, èèyàn méjì péré ni kó wá, kí ẹ wá yọ owó yẹn kúrò nínú ìyókù bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún yín.

Ìyá Alásè Àgbà

Òótọ́ ni, mo gbà. Èmi náà ń gba owó fún ìtọ́wò, ọ̀rọ̀ mi ló ṣì lọ. Kọ "Ìtọ́wò ṣáájú àsansílẹ̀". Kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ìyàwó Tuntun

Ìlà yẹn ni ì bá gbà mí là. Ẹni tó fẹ́ gbé owó sá lọ kò ní ìkòkò tí mo lè lọ tọ́ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ nípa orúkọ. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni gidi wà níbì kan. Bí mo bá fẹ́ sanwó tí orúkọ mìíràn jáde, mo ti dúró nìyẹn.

Rónkẹ́ Ìdáná

Èmi ò fẹ́ orúkọ mi ní kíkún lórí pèéjì. Obìnrin ni mí, mo ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní òru, gbogbo ayé ti mọ ọjọ́ tí mo máa wà níbẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ni mo forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, mo wá ṣí àkáǹtì pẹ̀lú orúkọ yẹn. Ó ná mi lówó díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí pèéjì ló wà lórí rìsíìtì.

Kúnlé Ọ̀jà

Oníbàárà tèmi ń fẹ́ rí ojú èèyàn, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́. Oníkálùkù pẹ̀lú tiẹ̀.

Àdùkẹ́ Alásè

Mo ti ń kà á látàárọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtúnṣe Bùọ̀dá Kúnlé, 122 ló jẹ́, tòun ti ibi tí mo ti bọ́ sí ìlà tuntun. Mo rí ohun kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: bí mo bá fi àmì sórí ẹ tàbí ọ, méjì ni fóònù mi ń yọ kúrò nínú àyè, bí mo bá fi sórí a tàbí i, ọ̀kan péré ni. Mo fẹ́ yọ àmì náà kúrò, mo wá rí i pé àyè ṣì kù, mo fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. "Ọjọ́ tó ṣófo wà nísàlẹ̀", níbo gan-an? Àti orúkọ tèmi ńkọ́, tó yàtọ̀ sí ti pèéjì?

Ìyá Alásè Àgbà

Wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn lẹ àwòrán mẹ́ta mọ́ òkè àwọn àwòrán tó kù, nísàlẹ̀ báyò gan-an. Èyí àkọ́kọ́, kọ àwọn ọjọ́ Sátidé oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ sí i, kí o fi ìlà gba orí èyí tí wọ́n ti gbà. Èkejì, bí o ṣe ń gba owó: iye tó jẹ́ àsansílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà tí ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú. Ibẹ̀ náà ni kí o kọ gbólóhùn kan sí: "Orúkọ tí ẹ máa rí lórí àkáǹtì ni..." kí o wá kọ orúkọ rẹ. Má jẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tó fẹ́ sanwó ló kọ́kọ́ rí i. Bí owó bá wà, ṣe bíi ti Rónkẹ́. Ẹ̀kẹta, ìgbéyàwó kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ojú rẹ àti ìkòkò rẹ nínú rẹ̀.

Bọ́lá Ayàwòrán

Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ padà sórí àwòrán.

Rónkẹ́ Ìdáná

Ẹ fi ọjọ́ sọ́kàn láti tún àwòrán ọjọ́ yẹn ṣe o. Mo gbàgbé tèmi fún oṣù mẹ́rin. Obìnrin kan kọ̀wé sí mi, ó ní, "Ṣé ẹ ṣì wà láyé?" Ó sàn kó má sí níbẹ̀ rárá ju kó jẹ́ ti ọdún tó kọjá.

Àdùkẹ́ Alásè (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń béèrè iye ti dín kù, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù tiẹ̀ kọ́kọ́ bà mí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá báyìí ń dárúkọ ọjọ́ kí wọ́n tó béèrè owó. Ẹni mẹ́ta sanwó ìtọ́wò, ẹni méjì nínú wọn ti san àsansílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, ṣé èmi náà ni, mo ní kó wo àwòrán kejì lókè.

Ẹlòmíràn wá pẹ̀lú àlejò 320. Ó rí 250 níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn mi bákan náà. Mo ti ń ronú láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ṣadé Onítábìlì

Gbà á! Yá ìkòkò.

Rónkẹ́ Ìdáná

Ka ọwọ́ kí o tó ka ìkòkò. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ máa gbé e wá bá wọn ní tábìlì, ẹni 13 ó kéré tán, ìwọ ní mẹ́fà.

Ìyá Alásè Àgbà

Bi í bóyá àwọn àlejò á máa dìde wá bu oúnjẹ fúnra wọn, kí o tó dá a lóhùn. Àti pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo pèéjì rẹ. O se ti Sátidé tó kọjá, 14 ló ṣì wà níbẹ̀. Lọ sọ ọ́ di 15.